Ìnira Tí A Ti Ń Sanwó Rẹ̀: Bí Èrò Òwò Ṣe Ń Jáde Láti Inú Ilé àti Àdúgbò ní Ìgbókòdá

     Bí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí bá sọ̀rọ̀ nípa iná, èéfín àti edé bí ẹni tó mọ̀ ọ́n tán, níwájú àwọn ìyá tó ti ń ṣe é kí ẹni tó kọ ọ́ tó dáyé, kí wọ́n fi orí jì í, kí wọ́n sì tún un ṣe níbi tó bá ti ṣì í.

1. Ìbéèrè kan ṣoṣo àti ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ mẹ́ta

Ìbéèrè tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí fẹ́ dáhùn kò ju ọ̀kan lọ: nínú gbogbo ìnira tó ń bá ènìyàn fínra lójoojúmọ́ nínú ilé rẹ̀ àti ní àdúgbò rẹ̀, báwo ni a ṣe ń mọ èyí tí òwò wà nínú rẹ̀? Àwọn tó ń kọ́ ọ̀dọ́ ní òwò a máa sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ ohun tó ń bí wọn nínú sílẹ̀, pé níbẹ̀ ni èrò òwò yóò ti jáde. Òótọ́ wà nínú ìmọ̀ràn náà, ṣùgbọ́n kò pé, nítorí ẹni tó bá jókòó ní Ìgbókòdá tó sì kọ ohun tó ń bí i nínú sílẹ̀ yóò kọ àìsí iná, òkun tó ń jẹ ilẹ̀ ní Ayétòrò, ọ̀nà tí kò dára àti ọ̀wọ́n epo bẹntiróòlù, yóò sì di ìwé náà láìrí ohun kan tí òun nìkan lè tà fún aládùúgbò rẹ̀.

Ohun tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dúró lé lórí ni pé ìnira tí òwò wà nínú rẹ̀ ni ìnira tí àwọn ènìyàn ti ń sanwó rẹ̀ tẹ́lẹ̀, yálà wọ́n mọ̀ pé àwọn ń san án tàbí wọn kò mọ̀. Ìnira, gẹ́gẹ́ bí a ṣe lò ó níhìn-ín, ni ohunkóhun tó máa ń ṣẹlẹ̀ léraléra, tó ń gba àkókò, agbára tàbí ọjà lọ́wọ́ ènìyàn nígbà tó ń ṣe iṣẹ́ tí kò lè ṣe aláìṣe. Ó yàtọ̀ sí àjálù. Ìgbì tó gbé ilé lọ kì í ṣe ìnira lójú ìtumọ̀ yìí, àjálù ni, ọwọ́ ìjọba àti ọwọ́ gbogbo ìlú ló sì yẹ kó wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kejì ni owó. Owó níhìn-ín kì í ṣe náírà nìkan. Ọ̀sán kan tí ọmọ kan fi jókòó ti àtẹ edé kí adìyẹ má baà ṣà á jẹ, owó ni, gẹ́gẹ́ bí kòǹgò edé tó bu tí ìyá kan dà nù ti jẹ́ owó.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni èyí tí àwọn ará ọjà fi ṣe ìdáhùn ìkíni, pé “à ń mánéèjì.” Mánéèjì ni ọgbọ́n tí ènìyàn dá fúnra rẹ̀ láti fi yí ìnira kan láìmú un kúrò: òkúta tí a gbé lé orí ọ̀rá kí atẹ́gùn má baà gbé e, aṣọ tí a fi di imú nídìí ààrò, garawa mẹ́ta tí a tò sábẹ́ òrùlé de òjò. Ẹni tó bá ń wá òwò kiri gbọ́dọ̀ fojú sí mánéèjì ju ohun tí àwọn ènìyàn ń ráhùn lé lórí lọ, nítorí ẹnu ni a fi ń ráhùn, ara ni a fi ń mánéèjì. A máa ń rí i pé ohun tí àwọn ènìyàn ń pariwo lé lórí jù lọ kọ́ ni wọ́n máa yọ owó sí.

2. Ẹ̀rí láti etíkun Chorkor

Ẹ̀rí tó sún mọ́ ilẹ̀ Ìlàjẹ jù lọ wá láti orílẹ̀-èdè Gánà. Chorkor jẹ́ àdúgbò àwọn apẹja ní etíkun Àkrà, níbi tí àwọn obìnrin ti ń yan ẹja lórí ààrò amọ̀ tàbí ti páànù tó rí roboto. Ìwọ̀nba ẹja díẹ̀ ni ààrò náà ń gbà lẹ́ẹ̀kan, èéfín àti ooru rẹ̀ ń jáde láti gbogbo ẹ̀gbẹ́, igi tó ń jẹ pọ̀, ẹni tó ń yan ẹja sì gbọ́dọ̀ máa ki ọwọ́ bọ inú ooru náà láti yí ẹja padà níkọ̀ọ̀kan kí ẹ̀gbẹ́ kan má baà jóná. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ obìnrin níbẹ̀ má pe èyí ní ìṣòro tó yẹ kí ẹnikẹ́ni wá yanjú. Bí iṣẹ́ ṣe rí nìyẹn lójú wọn. Síbẹ̀ wọ́n ń san owó rẹ̀ lójoojúmọ́, nípa igi, nípa ìka ọwọ́ tó ń jó àti nípa ojú tó ń ṣe omi.

Ní nǹkan bí ọdún 1970, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, pẹ̀lú ilé ìwádìí oúnjẹ ti Gánà, bá àwọn obìnrin náà jókòó, wọ́n sì jọ ṣe ààrò mìíràn tí a fi orúkọ àdúgbò náà pè títí di òní. Ààrò náà gùn ju bó ṣe fẹ̀ lọ, bí ìlọ́po méjì. Ògiri kan là á láàárín, ẹnu ìkoná méjì sì wà níwájú. Orí rẹ̀ ni a ń to àtẹ sí, àtẹ onífírémù pákó tí a fi nẹ́ẹ̀tì wáyà ṣe ìsàlẹ̀ rẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì, tó lè ga dé 15. Àwọn àtẹ tí a tò náà fúnra wọn ló di ihò èéfín, tó ń mú ooru gòkè láàárín ẹja dípò kó fọ́n ká. Dípò kí a yí ẹja ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àtẹ ni a ń pààrọ̀ ipò rẹ̀, ti ìsàlẹ̀ á lọ sókè, ti òkè á bọ̀ sísàlẹ̀.

Ohun tó yẹ kí a fọkàn sí nínú ìtàn náà ni ibi tí òwò ti jáde. Ẹni tó ń yan ẹja rí èrè, ó dájú, ṣùgbọ́n káfíńtà àdúgbò rí tirẹ̀ pẹ̀lú, nítorí àtẹ ni ẹ̀mí ààrò náà. Bí fírémù àtẹ kò bá bá ẹnu ògiri mu, kó jókòó sí àárín gbùngbùn ògiri, èéfín yóò máa yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, pákó tó bá sì ti yọ sínú yóò jóná. Káfíńtà tó mọ ìwọ̀n kan, tó sì ń ṣe é bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo, ti rí òwò nínú ìnira tí kì í ṣe tirẹ̀. Kí a sì má ṣe àsọdùn: ààrò Chorkor kò lé èéfín tán. Ọ̀rá ẹja ṣì ń kán sínú iná, èéfín irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ kò dára fún ẹni tó ń fà á símú tàbí fún ẹja tó bà lé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tún ṣe irú mìíràn ní Thiaroye, ní orílẹ̀-èdè Senegal, lẹ́yìn náà. Ìnira kan tí a yanjú a máa fi òmíràn hàn.

3. Bí a ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀

Ìwé àjákọ kékeré kan àti ọ̀sẹ̀ méjì tó. Ọ̀sẹ̀ kan kò tó, nítorí ọjọ́ ọjà àti ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà kò rí bákan náà ní Ìgbókòdá. Ojúmọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ń kọ ọ́ yóò kọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí, aago tó ṣẹlẹ̀, bí onítọ̀hún ṣe mánéèjì rẹ̀, àti ohun tí mánéèjì náà ná an. Ohun méjì tó kẹ́yìn yìí ni àwọn ènìyàn máa ń fò. “Omi wọ́n” kì í ṣe àkọsílẹ̀, ìráhùn ni. Àkọsílẹ̀ ni pé: “Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́fà àárọ̀, ìyá Bọ́lá da omi kànga sínú garawa funfun ní alẹ́ àná, ó ti pọ́n bí ìpẹtà kí ilẹ̀ tó mọ́, ó fi fọ ilẹ̀, ó sì ra omi mìíràn fi fọ aṣọ ilé-ìwé.”

Ìnira tó ṣòro jù láti kọ ni èyí tí ara ti mọ́, èyí tí ẹni tó ń jìyà rẹ̀ kò rí mọ́. Fún ìdí èyí, kò bọ́gbọ́n mu kí ẹni tó ń kọ ìwé náà bi ìyá rẹ̀ tàbí aládùúgbò rẹ̀ pé kí ni ìnira rẹ̀. Ó dára kó jókòó tì í níbi iṣẹ́, kó máa wo ọwọ́ rẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ bá ti dúró díẹ̀, ibi tí wọ́n bá ti ránṣẹ́ pe ọmọ, ibi tí wọ́n bá ti fi ohun kan ṣe iṣẹ́ tí a kò ṣe é fún, níbẹ̀ ni kó ti kọ.

Bó bá sì di pé kó béèrè, ó gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún ọ̀yàyà wa. Bí ọmọ kan bá bi ìyá àgbà kan pé, “Ẹ̀yin mà, bí mo bá ṣe irú nǹkan báyìí, ṣé ẹ máa rà á?” ìdáhùn tí yóò gbọ́ ni “Máa ṣe é, ọmọ mi, Ọlọ́run á tì ọ́ lẹ́yìn.” Àdúrà ni, kì í ṣe owó ọjà, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló sì ti yá owó lórí àdúrà yìí. Ìbéèrè tó ń mú òótọ́ jáde ni èyí tó dá lórí ohun tó ti kọjá: ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn, kí ni wọ́n ṣe sí i, èló ló ná wọn, ta ni wọ́n sanwó fún? Ẹni tí kò bá rántí ìgbà tó ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn kò tíì sanwó rẹ̀.

4. Sísẹ́ àkọsílẹ̀ náà

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìwé náà lè ní ogójì tàbí àádọ́ta ìlà. Bí a ṣe ń sẹ́ ògì ni a óò sẹ́ wọn. Ohun tó kọ́kọ́ ń lọ ni àjálù àti ohun tó ju agbára ẹnì kan. Kì í ṣe pé àwùjọ kò lè ṣe ohun tí ẹnì kan kò lè ṣe: àwọn tó tẹ Ayétòrò dó ní ọdún 1947 fi àjùmọ̀ní kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì hun aṣọ ní ilé iṣẹ́ tiwọn, nínú ẹrẹ̀ tí ẹnì kan kò lè dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tó ń wá òwò tí yóò fi jẹun lọ́dún yìí kò lè dúró de irú ìṣọ̀kan bẹ́ẹ̀.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ilé kan ṣoṣo, tàbí tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Lẹ́yìn náà ni ìnira tí ẹlòmíràn ti ń ta ojútùú rẹ̀ dáadáa. Àìsí iná jẹ́ ìnira ńlá, àwọn ènìyàn sì ń sanwó rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gba owó ṣáàjì fóònù pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ tàbí páànù olóòrùn ti wà ní gbogbo orígun. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ohun tí àwọn tó wà níbẹ̀ ń fi sílẹ̀. Ohun tó bá kù nínú asẹ́ kì í sábà ju ìlà mẹ́ta lọ, òun náà sì ni ìnira tí a ti ń sanwó rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì gba owó náà dáadáa.

Omi tútù tí a ń dì sínú ọ̀rá jẹ́ àpẹẹrẹ tí gbogbo ènìyàn rí. Kí ọdún 1990 tó dé, àwọn ọmọdé ti ń ta omi tí a fi ọwọ́ so sínú ọ̀rá ní ibùdókọ̀. Owó ti wà níbẹ̀, ìnira sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ọwọ́ tó so ó. Àwọn tó gbé ẹ̀rọ tó ń lẹ ẹnu ọ̀rá wọlé ní àwọn ọdún 1990 kò dá òǹgbẹ sílẹ̀ tuntun, ìfura ni wọ́n yọ kúrò nínú ohun tí a ti ń rà tẹ́lẹ̀.

5. Edé tó bu: ìlà kan tí a gbé yẹ̀ wò

Kí a wá mú ìlà kan tó lè yọ nínú ìwé ẹni tó ń gbé ní Ìgbókòdá ní àsìkò òjò. Ẹlédé kan ra edé yíyan lọ́wọ́ àwọn tó gbé e wá láti etíkun. Bó ti dé èbúté ó dára, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti gbé e gba inú ọ̀rinrin, àpò ìdọ̀họ sì ti mu omi ojú ọ̀nà. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ nínú àpò, edé àárín bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Mánéèjì rẹ̀ ni pé ó máa ń tú u sórí tapolíìnì nígbà tí oòrùn bá yọ, kó fi ọmọ kan ṣọ́ ọ, kí ọmọ náà sì sáré kó o nígbà tí òjò bá ṣú. Ohun tó bu, yóò ṣà á dà nù, tàbí kó tà á ní ẹ̀dínwó fún ẹni tó ń lọ̀ ọ́ sínú oúnjẹ adìyẹ.

Òwò tó lè wà níbẹ̀ ni láti máa gba edé lọ́wọ́ àwọn ẹlédé, kí a tún un gbẹ lórí ààrò alátẹ bíi ti Chorkor, pẹ̀lú iná díẹ̀ tí kì í rú èéfín, kí a sì dá a padà. Ṣé wọ́n yóò san? Kí a fi kòǹgò ṣe ìṣírò, nítorí owó edé kì í dúró sójú kan. Bí a bá mú un pé àpò kan gba kòǹgò 40, tí ẹlédé sì ń pàdánù 2 nínú rẹ̀, kò sí ìdí tó fi ní san ju iye 1 lọ, nítorí ó gbọ́dọ̀ rí èrè tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó bá gbé àpò 6 wá ní ọjọ́ ọjà kan yóò san iye kòǹgò 6. Bí igi bá gba iye 2, tí owó ọmọṣẹ́ àti ti ẹni tó ń fi bárò kẹ́rù sì gba 2, ohun tó kù ni iye kòǹgò 2. Bí ààrò àti àtẹ rẹ̀ bá ná iye kòǹgò 60, ẹlédé kan ṣoṣo yóò fi ọjọ́ ọjà 30 san án padà, àsìkò òjò lè tán kó tó pé. Ẹlédé mẹ́ta yóò san án ní ọjọ́ ọjà 10. Ìṣírò yìí ló ń sọ pé kí a má mọ ààrò kankan kí ẹlédé mẹ́ta tó ti gbé àpò wá tí wọ́n sì san owó, lórí ààrò tí a yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ohun kan wà tó ń ran òwò yìí lọ́wọ́ tí ẹni tí kò ná ọjà kò ní mọ̀. Kòǹgò ni a fi ń ta edé, kì í ṣe òṣùwọ̀n ìwúwo. Omi tó jáde lára rẹ̀ mú kó fúyẹ́, ṣùgbọ́n kòǹgò rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dín. Bó bá jẹ́ ẹja tí a ń fi ìwúwo tà ni, ẹni tó gbé e wá yóò rò pé a jí lára rẹ̀ ni.

Iṣẹ́ náà sì ní ibi tó ti ń bàjẹ́. Edé tí a kò gbẹ tó yóò bu, èyí tí a gbẹ jù yóò fọ́ wẹ́wẹ́ nínú àpò, àwọn oníbàárà kì í sì í san owó edé fún èéfọ́ edé. Ojú kò tó láti fi mọ̀ ọ́n. Kí a wọn àtẹ kan ṣoṣo lórí òṣùwọ̀n, kí a dá a padà sórí iná fún wákàtí kan, kí a tún un wọ̀n. Bí ìwúwo rẹ̀ kò bá dín mọ́, omi inú rẹ̀ ti tán. Àṣìṣe kejì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ó máa ń fara pamọ́: kí a di edé gbígbóná sínú ọ̀rá. Ooru rẹ̀ yóò yọ omi sára ọ̀rá bí ó bá ti ń tutù, omi náà yóò sì padà sí edé, kó tó di ọjọ́ mẹ́rin gbogbo iná tí a dá ti di asán. Àtẹ gbọ́dọ̀ tutù nínú ilé kí àpò tó gbà á. Ìkẹta jẹ́ ti ìfọkàntán: edé ìyá kan kò gbọdọ̀ dàpọ̀ mọ́ ti ìyá mìíràn. Àtẹ tí a kọ àmì sí lára, pẹ̀lú ìwé tó ń sọ iye kòǹgò tó wọlé àti iye tó jáde níṣojú ẹni tó ni ín, ni yóò mú kí ẹlédé padà wá. Ẹni tí kò bá lè ṣe èyí, kó fi òwò náà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Igi pẹ̀lú gba ìrònú. Igi ẹ̀gbà tó ń hù sí ẹsẹ̀ omi a máa jó pẹ́, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ ló ń di ẹrẹ̀ etíkun mú, inú rẹ̀ sì ni ọmọ ẹja àti ọmọ edé ń sá pamọ́ sí. Ẹni tó ń fi ẹ̀gbà gbẹ edé ń dá iná sínú ilé ọjà tirẹ̀. Èérún pákó ilé ìlagi tàbí igi gbígbẹ láti apá Òkìtìpupa lè wọ́n díẹ̀ ní gbígbé wá, ṣùgbọ́n iye yìí gbọ́dọ̀ wọ inú ìṣírò láti ìbẹ̀rẹ̀.

6. Oṣù tí iṣẹ́ kò sí

Àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì ní àlèébù kan tó wà nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀: oṣù tí a kọ ọ́ nìkan ló mọ̀. Ìwé tí a kọ ní oṣù Keje yóò kún fún edé tó bu. Bí ọyẹ́ bá dé, oòrùn àti atẹ́gùn gbígbẹ yóò gbẹ edé lọ́fẹ̀ẹ́ lórí tapolíìnì, ẹlédé yóò sì gbé àpò rẹ̀ gba iwájú ààrò kọjá láìyà. Kò tíì dẹ́kun láti jẹ́ ọ̀rẹ́. Ìnira rẹ̀ ló dẹ́kun, owó tó ń san nítorí rẹ̀ sì dẹ́kun pẹ̀lú rẹ̀.

Nítorí náà, a ní láti ṣí ìwé náà lẹ́ẹ̀kan sí i ní oṣù Kejìlá, kí a tún jókòó ti àwọn ènìyàn níbi iṣẹ́ wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì, pàápàá ní èbúté ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ọkọ̀ tó kẹ́yìn bá ti gúnlẹ̀ tí àwọn tó ń ra ẹja tútù sì ti wọ mọ́tò lọ. Ẹja máa ń ṣẹ́kù nínú abọ́ ní àkókò yẹn. Ẹni tó ni ín yóò bu omi lé e, yóò wo ojú ọ̀run, yóò sì dá iye kan fún ẹni tó bá kọjá, iye tí kò tó ìdajì ohun tó pè é ní ọ̀sán. Ìlà àkọ́kọ́ nínú ìwé tuntun nìyẹn, ààrò tó ṣófo sì wà nítòsí.